Ohùn Kò Ní Ojú-Ìwé: Bí A Ti Ń Kọ Àkọsílẹ̀ Ètò Pódíkáàsì

Olóòtú ètò yìí ti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ pódíkáàsì ni a óò gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti í ṣe pódíkáàsì fúnra rẹ̀ ni n óò sọ. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán, tí àlejò ti lọ sí ilé rẹ̀. Báwo ni a óò ṣe kọ àkọsílẹ̀ tí yóò máa bá ohùn náà rìn, tí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ yóò fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ibi tí ó wà, àti ẹni tí ó sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà, pódíkáàsì, kò tíì pẹ́ láyé. Oṣù kejì ọdún 2004 ni oníròyìn kan ní Ìlú Ọba, Ben Hammersley, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian. Ètò ohùn ni, bí ètò orí rédíò, ṣùgbọ́n kì í dúró de aago kan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò sì fà á wá sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí ìwé kò ní. Bí mo bá gbé ìwé lé yín lọ́wọ́, ẹ lè ṣí i sí àárín, kí ẹ fi ojú sáré ká àwọn àkọlé rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ láìpẹ́ bóyá ohun tí ẹ ń wá wà níbẹ̀. Ohùn kò ṣe é ṣí bẹ́ẹ̀. Ojú lè sáré, etí kò lè sáré. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ìṣẹ́jú 4 péré fún kíláàsì rẹ̀ nínú ètò tí ó tó wákàtí kan ní láti jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀, tàbí kí ó máa fi ìka wá a kiri bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, tí dátà rẹ̀ sì ń lọ. Àkọsílẹ̀ ni ohun tí ó dúró fún ojú-ìwé àti àkọlé fún ohùn. Ó ní àmì àkókò, ó ní àkọlé fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àlàyé nípa àlejò.

N kò fẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ lófuurufú. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí a sì tẹ̀ lé e. Kí a sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń ṣe pódíkáàsì lórí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa, wọ́n sì lọ bá ìyá àgbà kan ní Abẹ́òkúta, aláró ni, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí aró àti àdìrẹ. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. N óò máa pe èyí ní ohùn tútù, nítorí a kò tíì sè é.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti tún un ṣe, ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe sí i. Wọ́n fi orin àti ìkíni olóòtú, tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 45, síwájú rẹ̀. Wọ́n gé ibì kan kúrò láti 14:20 dé 16:30, nítorí pé níbẹ̀ ni ìyá ti fẹnu kan aáwọ̀ tí ó wà láàárín òun àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan lórí ilẹ̀ tí ìkòkò aró rẹ̀ wà, tí ó sì sọ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí eléyìí jáde o.” Wọ́n tún gé ibì kan láti 37:05 dé 38:30, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, gbogbo wọn sì dákẹ́ títí wọ́n fi pa á. Bí a bá yọ ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 35 tí wọ́n gé kúrò, tí a sì fi àáyá 45 ti ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ohùn tí ó jinná, èyí tí ayé yóò gbọ́, jẹ́ 55:50.

Ẹ fi àwọn iye wọ̀nyí sọ́kàn. Nínú wọn ni ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ jẹ́ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀ ti ń kọ àkókò sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀: ewé èlú ní 9:12, àwọ̀ aṣọ ní 21:40, aṣọ òkè òkun ní 41:00. Iṣẹ́ dáradára ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n àkókò ohùn tútù ni gbogbo rẹ̀, ohùn tútù náà kì í sì í ṣe ohun tí olùgbọ́ yóò ní lọ́wọ́. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìwé yìí síta bí ó ti wà?

Ohun tí a rò pé ó wà ní 9:12 ti di 9:57, nítorí àáyá 45 tí a fi síwájú. Olùgbọ́ yóò dé ibẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀, yóò dúró díẹ̀, kò sì burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti 21:40 yàtọ̀. A fi àáyá 45 kún un, a sì yọ ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 10 kúrò, nítorí gígé kìíní wà ṣáájú rẹ̀. Ó di 20:15. Olùkọ́ kẹ́místrì tí ó bá fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ gbọ́ ìdí tí aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ sì ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, yóò lọ sí 21:40, yóò sì rí i pé ìyá ti ṣe àlàyé náà tán láti ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ti 41:00 ló burú jù, nítorí gígé méjèèjì ló wà ṣáájú rẹ̀. Ó di 38:10. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àmì náà yóò pẹ́ ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 50.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí iye kan ṣoṣo tí a lè fi tún gbogbo àmì náà ṣe. Àwọn tí ó wà ṣáájú gígé kìíní sún síwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ fà sẹ́yìn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn gígé kejì sì fà sẹ́yìn jù wọ́n lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé, tí wọ́n sì gbà á. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ ṣe é. Ọ̀nà méjì ni ó wà tí ó rọrùn jù ú lọ.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a má tilẹ̀ kọ àmì kankan títí ohùn yóò fi jinná pátápátá, orin rẹ̀, gígé rẹ̀ àti ohun gbogbo. Kí a wá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì fi àmì sí i. Ọ̀nà kejì ni pé kí a so àmì mọ́ ohùn náà nínú kọ̀ǹpútà, kí àmì lè máa bá ohùn sún. Ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, nítorí pé a kì í san owó fún un, ni Audacity. Bí ohùn bá ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, tí a sì tẹ `Ctrl+M`, àmì kan yóò dúró sí ibi tí ohùn dé, a ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí a bá gé ohùn láìtan ohun tí wọ́n ń pè ní `Sync-Lock Tracks` nínú àkójọ `Tracks`, ohùn yóò sún, àmì yóò sì dúró sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí a bá tan án, àwọn méjèèjì yóò jọ sún. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó lo `Export Labels`, yóò sì kó gbogbo àmì jáde sínú fáìlì kan báyìí:

```
220.000000	220.000000	iya baba re
594.000000	594.000000	ewe elu
1212.000000	1212.000000	awo aso
```

Ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń kà. Bí a bá fẹ́ sọ 1212 di ìṣẹ́jú, a ó pín in sí 60. Ó jẹ́ 20, ó sì ku 12, nítorí náà 20:12 ni. Iye méjì tí ẹ rí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí àmì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí ni; wọ́n dọ́gba níhìn-ín nítorí pé ojú kan ni a fi àmì sí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí mo fi kọ 20:12 nígbà tí mo ti sọ pé 20:15 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ má fi àmì sí orí sílébù àkọ́kọ́ gan-an. Bí ẹ̀rọ bá fò lọ síbẹ̀, ó lè já sí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, olùgbọ́ yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ti gé lórí, nínú èdè wa yìí tí sílébù kan lè yí ìtumọ̀ padà. Ẹ fi àáyá 2 tàbí 3 síwájú, kí èémí tí olóòtú mí kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Orí ìbéèrè ni kí a fi àmì sí bí ìdáhùn kò bá ní yéni láìsí i. Bí olóòtú bá ń fi ìbéèrè ṣe ìwàásù, tí ó ń lo ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láti béèrè ohun tí ó yẹ kí ó gba àáyá 10, ẹ fo ìwàásù náà, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí àlejò ti la ẹnu. Olóòtú lè bínú. Olùgbọ́ kò ní bínú.

Nísinsìnyí a dé orí àkọlé, níbi tí mo rò pé iṣẹ́ wà jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá. Ohun tí ó máa ń wu ènìyàn láti ṣe ni kí ó mú ìbéèrè wọ̀nyẹn kí ó sọ wọ́n di àkọlé. Ìbéèrè kẹfà wọn kà pé, “Báwo ni ọjà àdìrẹ ṣe ń lọ sí?” Nítorí náà wọ́n kọ “Ọjà àdìrẹ.” Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìyá fi dáhùn. Kò sọ̀rọ̀ lórí iye owó rárá. Ó ní àwọn aṣọ tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ẹ̀rọ ní òkè òkun, tí wọ́n fi àwòrán àdìrẹ sí lára, ti kún ọjà Ìtòkú; pé ẹni tí kò mọ̀ kì í lè fi ojú ya méjèèjì sọ́tọ̀; àti pé nítorí èyí ni òun ṣe dín ìkòkò òun kù. Ẹni tí ó ń wá iye owó yóò lọ síbẹ̀, kò ní rí i. Ẹni tí ó ń wá ohun tí aṣọ ẹ̀rọ ṣe sí iṣẹ́ àwọn aláró kò ní mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Ìdáhùn ni àkọlé ń tẹ̀ lé.

Fún ìdí èyí, ẹ gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má dá a dúró. Ẹ kàn máa kọ àkókò àti ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yípadà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yípadà a máa hàn nínú ohùn. Àlejò yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kí ó sọ pé, “Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyẹn fún yín.” Ní ìgbà kejì ni ẹ óò tó pinnu èyí tí ó tó àmì. Nínú ètò tí kò pé wákàtí kan, àmì 7 sí 10 tó. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ojú olùkàwé yóò máa yọ̀ lórí wọn bí ó ṣe máa ń yọ̀ lórí àkójọ orúkọ.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àkọlé, ẹ kọ ohun tí ẹnìkan lè fẹ́ mọ̀, kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ tí àlejò fúnra rẹ̀ lò. “Ìlànà ìṣiṣẹ́” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ìlànà àkàrà dídín. “Láti ewé èlú dé inú ìkòkò” sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ohun tí ó sọ. Ìyá ní òun dín ìkòkò òun kù. Bí ẹ bá wá kọ “Bí aṣọ òkè òkun ṣe pa iṣẹ́ aró,” ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Kò sọ pé iṣẹ́ náà kú. Ó ṣì ń ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tí yóò ka àkọlé yẹn pọ̀ ju àwọn tí yóò gbọ́ ohùn lọ, ohun tí wọn yóò sì máa sọ pé ìyá sọ nìyẹn.

Èyí mú wa padà sí ibi tí wọ́n gé láti 14:20. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kúrò nínú ohùn, wọ́n sì pa àdéhùn mọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìwé ní ọjọ́ náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “14:20, aáwọ̀ lórí ilẹ̀.” Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé yẹn ṣe àkọsílẹ̀ láìfi ohùn tí ó jinná yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí a gé kúrò nínú ohùn yóò jáde nínú ìwé. Olùgbọ́ yóò lọ sí 14:20, kò ní gbọ́ aáwọ̀ kankan, yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n fi pamọ́. Ní ìlú tí àwọn ènìyàn mọ ìyá náà àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn tó láti dá ìjà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹnikẹ́ni kì í ka àkọsílẹ̀. Wọ́n ń kà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó máa ń kọ́kọ́ kà á. Nítorí náà, ìwé ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀ kò gbọdọ̀ di àkọsílẹ̀. Ìrántí ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àlejò fúnra rẹ̀. Ìlà 2 tàbí 3 ni àlàyé nípa rẹ̀ yóò gbà, lókè àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a fi etí gbọ́ nìkan. Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Yorùbá mọ̀ pé bí mo bá kọ “ola” láìfi àmì sí i, ó lè jẹ́ ọlá tí í ṣe iyì, ọlà tí í ṣe ọrọ̀, tàbí ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ tí ń bọ̀. Orúkọ ènìyàn kì í ṣe àlọ́ tí a ń fi sílẹ̀ fún olùkàwé láti já. Ẹ bi í bí ó ti ń kọ ọ́. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí ó pe orúkọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú ẹ̀rọ kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i bí ó ti pè é. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá orúkọ tirẹ̀ ni ó fẹ́ kí a lò, tàbí orúkọ ọmọ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Èyíkéyìí tí ó bá mú, òun ni kí ó wà nínú ìwé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ “aládìrẹ” sílẹ̀, nítorí pé àdìrẹ ni wọ́n bá wá. Nígbà tí wọ́n kà á fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní, “Aláró ni mí, ọmọ mi.” Ẹni tí ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, tàbí tí ń fi ìko dì í, ni aládìrẹ, ẹni tí ó ni ìkòkò, tí ó ń po èlú mọ́ omi eérú, tí ó sì mọ ìgbà tí aró dé, ni aláró. Láyé àtijọ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì sábà máa ń wà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ irú ẹni tí ìyá jẹ́ nínú iṣẹ́ náà.

Ìyá sọ nínú ohùn pé òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí “láti ọdún tí a gba òmìnira.” Ẹ má ṣe kà á kí ẹ wá kọ iye ọdún tí ó ti ṣe, nítorí iye náà yóò di irọ́ ní ọdún tí ń bọ̀, ohùn yóò sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ “láti ọdún 1960.” Ìyẹn kò ní yípadà. Ní ti nọ́ńbà fóònù àti ibi tí ilé rẹ̀ wà, bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ sọ pé kí a fi sí i kí àwọn oníbàárà lè rí òun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìlú rẹ̀ tó.

Àkọsílẹ̀ wọn, lẹ́yìn gbogbo èyí, wá rí báyìí lápá àmì àkókò rẹ̀:

```
0:00 Ìkíni, àti ẹni tí àlejò wa í ṣe
3:40 Bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ aró lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀
9:54 Láti ewé èlú dé inú ìkòkò
20:12 Ìdí tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé kí ó tó di aró
27:38 Oníko àti ẹlẹ́kọ: ọ̀nà méjì tí a fi ń ya àdìrẹ
38:07 Aṣọ òkè òkun, àti ìdí tí ó fi dín ìkòkò rẹ̀ kù
47:30 Ohun tí ó wà lára Ìbàdàndùn: òpó Mápó àti ṣíbí
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0:00. Bí a bá gbé ohùn náà sórí YouTube, tí a fẹ́ kí ó pín in sí orí fúnra rẹ̀, àmì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0:00, àmì gbọ́dọ̀ tó 3 ó kéré tán, kí wọ́n tẹ̀ léra láti kékeré sí ńlá, kí orí kọ̀ọ̀kan má sì kéré sí àáyá 10. Bí ọ̀kan nínú èyí bá kù, kò ní pín in, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kí a tó gbé e síta, kí ẹnìkan tí kò bá wọn ṣe é mú fóònù, kí ó lọ sí àmì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí a fi tún ohùn ṣe ni yóò lò, fóònù ni, nítorí òun ni olùgbọ́ ń lò. Bí àmì bá yẹ̀, bí ó ti yẹ̀ yóò sọ ohun tí ó fà á. Bí gbogbo wọn bá yẹ̀ ní iye kan náà, a jẹ́ pé ohun kan wà tí a fi kún ìwájú tàbí tí a yọ kúrò níbẹ̀, bí orin ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá péye títí dé ibì kan, tí wọ́n sì yẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, gígé kan tàbí ìpolówó ọjà kan wà láàárín. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a bá fò lọ síbẹ̀ nìkan ni ó ń yẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó péye bí a bá jẹ́ kí ohùn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo fáìlì náà. A lè ṣe MP3 kí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a sì lè ṣe é kí ó máa pọ̀ kí ó máa dín. Irú kejì yìí kéré ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan kì í mọ ibi tí wọn yóò já sí gan-an nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é ní irú kìíní, yóò sì dúró.

Ti ìpolówó ọjà ni kò ní oògùn pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá ènìyàn gbé pódíkáàsì síta a máa ti ìpolówó bọ inú ohùn nígbà tí olùgbọ́ bá ń fà á, èyí tí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gbọ́ sì lè yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, ó sì lè yàtọ̀ ní ọ̀la sí ti òní. Bí ìpolówó àáyá 30 bá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àmì ti yẹ̀ ní àáyá 30. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń yan ibi tí yóò wà, ẹ ní kí wọ́n fi sí òpin, níbi tí kò ti ní ti àmì kankan. Bí ẹ kò bá ní àṣẹ lórí rẹ̀, ẹ kọ ìlà kan sí abẹ́ àkọsílẹ̀ pé àkókò wọ̀nyí jẹ́ ti ohùn tí kò ní ìpolówó, kí olùkọ́ tí ó ń múra kíláàsì sílẹ̀ lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo iwájú díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tún padà sí Abẹ́òkúta, tàbí kí wọ́n pè é lórí fóònù, kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ náà fún ìyá láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti àkọlé kọ̀ọ̀kan. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Bí ó bá ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan padà, kí wọ́n yí i padà kí wọ́n tó gbé e jáde.